Kákí àti Fẹ́sìtì Nínú Àpò Àgùnbánirọ̀

Àwọn aránṣọ Ìkàrẹ́ kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìgbà tí àwọn àgùnbánirọ̀ tuntun wọ̀lú. Inú ìlú wọn níbẹ̀ ni àgọ́ tí wọ́n ti ń gba àwọn tí ìjọba fi ránṣẹ́ sí ìpínlẹ̀ Oǹdó wà, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ni àwọn ọmọ náà ń lò níbẹ̀ kí wọ́n tó tú wọn ká. Àpò kan ni wọ́n máa ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣòkòtò kákí àti jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á wà nínú rẹ̀, fẹ́sìtì náà á sì wà níbẹ̀, èyí tó ní àmì ètò náà láyà àti funfun tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá. Ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè bá ṣòkòtò tó gba ènìyàn méjì pàdé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan aránṣọ nìyẹn.

“Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dín méjèèjì kù.”

Lójú ọmọ tó ń sọ̀rọ̀, iṣẹ́ kan náà ni. Obìnrin kan tí mo máa ń jókòó tì ní Ìkàrẹ́, Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í wò ó bẹ́ẹ̀. Á gba kákí, á gbé e lé apá òsì tábìlì. Á gba fẹ́sìtì, á fi àtàǹpàkò méjèèjì fà á lẹ́ẹ̀kan ní ìbú, á fà á lẹ́ẹ̀kan ní òòró, á wá gbé e lé apá ọ̀tún. Láti ibi ìfàwò yẹn ni gbogbo ohun tó máa ṣe ti yàtọ̀: abẹ́rẹ́ tó máa lò, ẹ̀rọ tó máa jókòó sí, àti bó ṣe máa parí etí aṣọ.

Kákí jẹ́ aṣọ híhun, ìdílé kan náà ni òun àti aṣọ tí àwọn obìnrin Ọ̀kà àti àwọn ìlú Àkókó yòókù máa ń hun lórí òfì ìnàró, bíi ti àwọn ará Ọ̀wọ̀ àti Ebira tó múlé gbè wọ́n. Ẹni tó bá ti rí irú òfì bẹ́ẹ̀ rí kò ní ṣòro fún láti mọ ìdí tí kákí kì í fi í fà. Wọ́n á kọ́kọ́ ta òwú òòró le láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òwú ìbú á wá máa gba àárín rẹ̀ kọjá, á gba orí ọ̀kan, á gba abẹ́ èkejì, wọ́n á sì fi pátákó pẹlẹbẹ lù ú wálẹ̀ kó lè ki. Ní ti kákí ilé iṣẹ́, òwú ìbú máa ń fo ju òwú òòró kan lọ lẹ́ẹ̀kan, ìdí nìyẹn tí ìlà wínníwínní fi dá gbùú lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kan náà ló ń darí méjèèjì: gbogbo òwú ti nà tán kó tó di aṣọ. Bí ẹ bá fà á lóòró, òwú tó ti nà ni ẹ ń fà. Bí ẹ bá fà á ní ìbú, bákan náà ni. Àfi tí ẹ bá fà á láti igun dé igun ló tó máa gbà fún yín díẹ̀, torí pé àwọn ojú mẹ́rin kéékèèké tí òwú méjì dá sílẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kò sí òwú tó nà tán nínú fẹ́sìtì. Òwú ibẹ̀ ń lọ ní ojóbó, ojóbó kọ̀ọ̀kan sì gba inú ojóbó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jáde. Bí ẹ bá fi awò asọ-nǹkan-di-ńlá wò ó, ẹ ò ní rí ibi kan tí òwú ti ṣe ṣọnṣọ bí ọ̀pá. Gbogbo rẹ̀ ló wọ́, tó tẹ̀, tó tún padà. Nígbà tí ẹ bá fà á, òwú kọ́ ló gùn sí i. Ojóbó ló fẹ̀, tó sì kúrú, tàbí tó gùn, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Bí ẹ bá jù ú sílẹ̀, á padà síbi tó wà. Aṣọ tí wọ́n bá fi láíkírà sí, ìyẹn òwú tó ń ṣe bíi rọ́bà tí ilé iṣẹ́ Dúpọ́ọ̀ntì ní Amẹ́ríkà ṣe jáde lọ́dún 1958, máa ń yára padà jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í rọ̀ níbi orúnkún àti ìgúnpá.

Bí wọ́n ṣe ń bàjẹ́ náà yàtọ̀. Ẹ gé kákí, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, òwú ìbú á máa jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé fẹ́sìtì, kò ní tú bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ṣe ni pé etí rẹ̀ á ká: etí ẹ̀gbẹ́ á ká sínú, etí òkè àti ti ìsàlẹ̀ á ká síta. Ìyá Aránṣọ fi èyí ń mọ ojú aṣọ nígbà tí ojú àti ẹ̀yìn bá jọra. Á fa etí ìsàlẹ̀ díẹ̀, apá tó bá ká sí ni ojú. Àmọ́ àìtú yẹn kò túmọ̀ sí pé aṣọ náà kò ní ewu tirẹ̀. Bí ojóbó kan bá já láàárín aṣọ, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ní ohun tó máa dì í mú mọ́, á yọ, tìsàlẹ̀ rẹ̀ náà á yọ, ihò tí kò tó orí pínnì á sì di àkàbà gígùn láyà aṣọ. Ohun tó sì sábà máa ń já ojóbó ni abẹ́rẹ́ aránṣọ fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ kákí kò ní pẹ́ wa. Ó lo abẹ́rẹ́ 100/16, tí ẹnu rẹ̀ mú. Nọ́ńbà 100 yẹn túmọ̀ sí pé mìlímítà kan ni abẹ́rẹ́ náà nípọn. Ó tú ẹ̀yìn ṣòkòtò, ó gé èyí tó lé, ó tún un rán, ó sì ká etí kan bo èkejì kó tó tún un tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé kò sí etí kankan tó hàn síta tí yóò máa tú. Ìlà méjì á hàn lójú rẹ̀, ó le, kò sì gbọdọ̀ fà. Ẹ̀rọ olórí dúdú lásán tó iṣẹ́ yẹn ṣe, kò sì sí ẹ̀rọ tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ.

Ìdí fẹ́sìtì ni iṣẹ́ wà. Èyí tí mo ń sọ yìí fẹ̀ tó ínṣì 44 yí àyà ká, ọmọkùnrin tó ni ín sì fẹ́ kó jẹ́ 38. Ínṣì 6 ló máa kúrò. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló wà, ìpele aṣọ méjì ló sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìpele kọ̀ọ̀kan á sì pàdánù ínṣì kan àti ààbọ̀. Ó tẹ́ aṣọ náà sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì fi sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó fi ṣọ́ọ̀kì kàn án. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bi í léèrè.

“Ọ̀gá, kí la ń dúró dè?”

“Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde látinú àpò tí wọ́n fún un mọ́ ni. Bí a bá wọ̀n ọ́n báyìí, ìwọ̀n irọ́ la máa mú. Jẹ́ kó sinmi.”

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ojóbó tí wọ́n fà tàbí tí wọ́n tẹ̀ kò tíì padà sí ìwọ̀n ara rẹ̀, ẹni tó bá sì gé e lójú ẹsẹ̀ á rí i lẹ́yìn ìfọ̀ àkọ́kọ́ pé aṣọ ti súnkì kọjá ibi tó fojú sí.

Lẹ́yìn náà ló yọ abẹ́rẹ́ kákí, tó fi òmíràn sí i. Èyí jẹ́ 75/11, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ kò sì mú. Bí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ máa mọ̀ pé rìbìtì kékeré kan ló wà níbẹ̀. Lára páálí rẹ̀, lẹ́tà tó ń tọ́ka sí i ni SES fún èyí tí rìbìtì rẹ̀ kéré, àti SUK fún èyí tó tóbi díẹ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu mímú á gún òwú ojóbó gan-an, á là á. Abẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu rìbìtì máa ń ṣe bí ẹni tó ń gba àárín èrò kọjá lọ́jà Ìkàrẹ́: á fi èjìká ti òwú kan sọ́tùn-ún, á ti èkejì sósì, á kọjá, wọ́n á sì padà sáyè wọn. Iṣẹ́ rẹ̀ lórí kákí ni yóò burú, torí pé aṣọ tó ki bẹ́ẹ̀ kò ní àyè tí yóò gbà á, ìlà ìrán á sì máa wọ́.

Ọ̀pọ̀ aránṣọ mọ ìyẹn. Èyí tí kò yé púpọ̀ nínú wọn ni ìdí tí ẹ̀rọ fi máa ń fò, tí ìrán á lọ dáadáa fún ínṣì méjì, tí òwú á wá fẹ̀ láìmú nǹkankan fún ibi tó tó èékánná kan. Wọ́n á tú bọ́bìnnì, wọ́n á fún òwú le, wọ́n á bú ẹ̀rọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ wà nísàlẹ̀ níbi tí ojú kì í tó. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá wọlẹ̀ tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, bí ó bá ti gòkè tó nǹkan bíi mìlímítà méjì, òwú ẹ̀yìn rẹ̀ á wú díẹ̀, á di ojóbó kékeré, ìkọ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ á sì wá gbá a mú kó lè so ó mọ́ òwú bọ́bìnnì. Kákí á dúró sójú kan nígbà tí abẹ́rẹ́ ń gòkè, òwú á sì rí àyè wú. Fẹ́sìtì kò ní dúró. Ó ń lẹ̀ mọ́ abẹ́rẹ́, ó ń bá a gòkè, òwú sì ń bá àwọn méjèèjì lọ, kò wú. Ìkọ́ á dé, kò ní bá ohunkóhun. Ìrán kan ti fò nìyẹn.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe ní pàtó fún aṣọ oníláíkírà ní ojútùú sí èyí: wọ́n gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ jìn lókè ojú rẹ̀ kí ìkọ́ lè sún mọ́ òwú dáadáa. Ìyá Aránṣọ ní páálí rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀, ó sì máa ń lò ó nígbà tí èyí tó wà lára ẹ̀rọ bá ń fò. Kì í fọwọ́ kan ìfúnpọ̀ òwú rárá kó tó pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Mo gbà pé ẹni tó bá mú àṣà kan ṣoṣo yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ti kọ́ nǹkan tó pọ̀.

Nígbà tó wá kàn án láti rán ẹ̀gbẹ́ fẹ́sìtì, kò padà sórí ẹ̀rọ olórí dúdú. Ẹ̀rọ wífìn ló jókòó sí. Àwọn kan rò pé torí kí etí aṣọ lè dára wò ni wọ́n fi ń lo wífìn. Lórí kákí, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Lórí aṣọ tó ń fà, òwú tó wà ní ìpamọ́ nínú ìrán ni ọ̀rọ̀ dá lé. Ìrán gbọọrọ ti ẹ̀rọ olórí dúdú máa ń gba nǹkan bíi mítà méjì àti ààbọ̀ òwú fún mítà kan aṣọ, ti òkè àti ti bọ́bìnnì pa pọ̀. Wífìn olówú mẹ́ta máa ń gba nǹkan bíi mítà 14 fún mítà kan yẹn. Òwú yẹn kò ṣòfò. Ó wà níbẹ̀ ní kíká àti lílọ́, bí aṣọ bá sì fà, á tú ara rẹ̀ sílẹ̀ bá a lọ. Ìrán gbọọrọ kò ní nǹkan tó máa tú sílẹ̀. Bí aṣọ bá fà kọjá ìwọ̀nba tí òwú lè gbà, òwú ni yóò já, ẹni tó wọ̀ ọ́ á sì gbọ́ ìró “prá” lábíyá.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ náà. Ọwọ́ òsì wà níwájú, ọwọ́ ọ̀tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sí èyí tó ń fa aṣọ nínú méjèèjì. Ó ń tọ́ ọ ni. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì mọ èyí, òun a máa ti aṣọ síwájú, á tún máa fà á láti ẹ̀yìn, bíi pé ẹ̀rọ ń lọ́ra.

“Má fà á. Eyín ẹ̀rọ ló máa gbé e lọ.”

“Ọ̀gá, ó ti ń ṣe wẹ́yẹwẹ̀yẹ.”

“Ìwọ lo fà á.”

Ìlà ìrán tí wọ́n fà nígbà tí wọ́n ń rán an máa ń dúró ní fífà títí láé, torí òwú ti dè é mọ́ bẹ́ẹ̀. Etí aṣọ á wá máa rú bí ewé. Eyín méjì ló wà lábẹ́ ẹ̀rọ wífìn tó dára, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, aránṣọ sì lè mú kí ti iwájú yára ju ti ẹ̀yìn lọ. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá wà ní 1, wọ́n jọ ń rìn ni. Ó gbé e kọjá 1 díẹ̀, ó rán ínṣì mẹ́rin lórí àkúkù aṣọ tó gé kúrò, ó wò ó, ó tún gbé e sí i díẹ̀, etí náà sì tẹ́jú. Ìgbà yẹn ló tó mú fẹ́sìtì gan-an. Láti ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́, ó gba abíyá kọjá, ó wọ inú apá, láìdúró. Ọ̀bẹ tó wà lára ẹ̀rọ gé etí tó lé bó ṣe ń lọ, ó ku nǹkan bíi mìlímítà mẹ́fà nínú. Ìwọ̀nba yẹn tó fún aṣọ tí kì í tú. Ínṣì kan ló máa ń fi sílẹ̀ fún kákí.

Ibì kan ṣoṣo wà lára fẹ́sìtì tí kò fẹ́ kó fà, ìyẹn èjìká. Gbogbo ìwúwo aṣọ ló rọ̀ sórí ìlà yẹn. Bí wọ́n bá jẹ́ kó máa fà, lẹ́yìn oṣù mélòó kan, apá aṣọ á ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá èjìká ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó máa ń fi téèpù òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, tó jẹ́ híhun, sínú ìlà náà kó tó rán an. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀: aṣọ tí kì í fà ló ń ran èyí tó ń fà lọ́wọ́ níbi tó ti yẹ kó dúró.

Kò sí ẹ̀rọ wífìn níwájú gbogbo aránṣọ. Ní Ìwárọ̀-Ọ̀kà, mo rí ọkùnrin kan tó ń rán fẹ́sìtì eré ìdárayá fún àwọn ọmọ ilé ìwé, ẹ̀rọ olórí dúdú kan ṣoṣo ló sì ní. Ó kọ́kọ́ tú ìdè tó wà lókè ọ̀pá ẹsẹ̀ ẹ̀rọ díẹ̀, kí ẹsẹ̀ náà má bàa tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ jù, nítorí pé títẹ̀ yẹn gan-an ló ń nà án. Ó dín gígùn ìrán kù sí mìlímítà méjì, kí òwú lè pọ̀ sí i nínú ínṣì kọ̀ọ̀kan. Ó sọ òwú òkè àti ti bọ́bìnnì rọ̀. Ó fi ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sábẹ́ aṣọ kó má bàa rì sínú ihò ẹ̀rọ, ó sì fa ìwé náà ya lẹ́yìn tó rán an tán. Òwú pọliẹ́sítà ló lò, kì í ṣe ti kọ́tìnnì, torí pé pọliẹ́sítà máa ń gbà kó tó já. Ó rán ìlà méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì na aṣọ náà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ láàárín ọwọ́ méjèèjì bó ṣe ń rán an. Ohun tí Ìyá Aránṣọ kọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìrán tí kò ní òwú ìpamọ́ nílò rẹ̀, àfi kí ọwọ́ má wúwo.

Fún ẹ̀gbẹ́ fẹ́sìtì tó ṣe gbẹ̀rẹ̀, ìyẹn máa ń dúró. Ọrùn ni kò jẹ́ kó lọ títí. Ọrùn fẹ́sìtì ọmọdé náà jẹ́ ínṣì 18 yíká. Orí ọmọ jẹ́ nǹkan bíi 21. Ìlà ìrán náà gbọ́dọ̀ gba ínṣì 3 sí i nígbàkigbà tí ọmọ bá ń bọ aṣọ sọ́rùn. Bàǹtì ọrùn rọrùn: ó gé e ní ínṣì 15, ó fi kan kún un fún ibi tí etí méjèèjì ti pàdé, ó pín bàǹtì àti ọrùn aṣọ sí ọ̀nà mẹ́rin mẹ́rin pẹ̀lú pínnì, kó lè na bàǹtì bá ọrùn láìfa ọrùn fúnra rẹ̀. Ó fi ọwọ́ so ó mọ́ aṣọ pẹ̀lú ìrán gbàgẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kò fi ẹ̀rọ tirẹ̀ rán an. Ó di gbogbo rẹ̀ sí ọ̀rá, ó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kejì rẹ̀ tó ní ẹ̀rọ síìgísáàgì. Òwú tó ń lọ tó ń bọ̀ ní ìgun-ìgun lè nà gbọọrọ nígbà tí orí bá ń wọlé, kó sì tún padà. Mo ka ìpinnu yẹn sí iṣẹ́ ọwọ́ gidi. Ó mọ ibi tí agbára ẹ̀rọ òun parí sí, kò sì jẹ́ kí aṣọ ọmọ ọlọ́mọ san gbèsè rẹ̀.

Ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ ló kù. Ní Ìkàrẹ́, abẹ́rẹ́ oníbejì ni Ìyá Aránṣọ fi sí ẹ̀rọ fún un, ọ̀pá kan tó gbé ẹnu méjì. Ìlà méjì tó dọ́gba á hàn lójú aṣọ, ṣùgbọ́n bọ́bìnnì kan ṣoṣo ló ń so wọ́n nísàlẹ̀, tí òwú rẹ̀ ń lọ láti ìlà kan sí èkejì ní ìgun-ìgun. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́tí náà fi ń fà. Nígbà tó parí, ó gbé ìlà kọ̀ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé, ó nà án, ó sì wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ gba ibì kan wọlé tí kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́. Ojóbó tó bá ti já kì í sábà hàn lórí tábìlì, ẹ̀yìn ìfọ̀ ló máa ń hàn.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ gba fẹ́sìtì, tíṣáàtì tàbí aṣọ oníláíkírà lọ́wọ́ aránṣọ yín, ẹ má kàn wọ̀ ọ́ wò níwájú dígí kí ẹ sì sanwó. Ẹ di ìlà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ nà án bí aṣọ náà bá ṣe lè nà tó, kí ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Bí òwú bá já tàbí ihò bá yọ, níṣojú aránṣọ ló ti ṣẹlẹ̀, á sì lè tún un ṣe kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Kákí ni kí ẹ má dán irú rẹ̀ wò lára rẹ̀.